Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Wà Nínú Ife Ẹ̀kọ Mímu, àti Ohun Tí Kò Sí Níbẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí a bá sẹ́ ògì tán, púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣara lóore nínú àgbàdo ló ti bá èèrí lọ? Hóró àgbàdo kọ̀ọ̀kan ló ní ojú kan ní ìdí rẹ̀, ibi tí èéhù ti ń yọ bí a bá gbìn ín. Ojú yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú òróró àgbàdo fi ṣe ibùgbé, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú èròjà irin àti síǹkì wà. Bí a bá lọ àgbàdo tán, tí a dà á sórí aṣọ asẹ́, tí a ń fi omi fọ̀ ọ́, sítáṣì funfun a bá omi kọjá sínú ọpọ́n, èèpo àti ojú hóró a kù sókè. Èyí tó kù sókè yẹn là ń kó fún ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀kọ mú tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́nà ọ̀fun nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kó ṣófo ju àgbàdo tí a fi ṣe é lọ.

Èyí kò ní kí ìyá da èèrí padà sínú ẹ̀kọ ọmọ o. Èèrí le fún ìfun ìkókó, ó sì ní ohun kan nínú tó máa ń di irin àti síǹkì mú kí ara má lè gbà wọ́n. Ibòmíràn la ó ti wá ohun tó lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi ohun kíkan kankan sí ògì, síbẹ̀ tó ń kan? Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí ti wà lára hóró àgbàdo láti oko. Bí a bá rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ di ásíìdì kan náà tó wà nínú wàrà kíkan. Lẹ́yìn tí a bá sẹ́ ẹ tán, tí ògì ń tòrò nínú ọpọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì sí i, iṣẹ́ náà ṣì ń lọ. Ọ̀mọ̀wé Akínrelé, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì l'Ékòó, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1970 lórí àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Ó rí i pé oríṣiríṣi ni wọ́n, àmọ́ ìran kan ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú kíkan náà sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kíkan yẹn ni ààbò tí ògì ní? Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn kíkan, 7 ni omi lásán wà, bí nǹkan bá sì ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà rẹ̀ ń wálẹ̀. Ògì tó kan dáadáa máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí 4, tàbí kó tún kéré sí i. Púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kò lè gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1990 fi ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ̀fun kíkan sè wé èyí tí a fi ìyẹ̀fun tí kò kan sè. Bí wọ́n ṣe fi méjèèjì sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, inú èyí tó kan ni kòkòrò àìsàn ti kéré. Èyí ṣe pàtàkì nínú ilé tí kò ní fíríìjì, tí wọ́n ń se oúnjẹ ọmọ láàárọ̀ kí ó lè jẹ ẹ́ títí di ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé bí ẹ̀kọ bá ti hó, àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀ ti kú? Ásíìdì nìkan ló kù. Ẹni tó bá ń polówó pé ẹ̀kọ gbígbóná ń kó kòkòrò alààyè lọ sínú ìfun kò sọ òótọ́. Àǹfààní tí wọ́n ti ṣe kí iná tó kàn wọ́n la ń jẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò ògì, àní ṣíbí kan péré? Wàrà ọmú tó fún un ní oúnjẹ àti omi, kódà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ìyá àgbà a máa sọ pé ọmọ ń ké nítorí pé ọmú kò yó o, wọn a sì po ògì ṣíṣàn kí ó lè sùn. Ẹ jẹ́ ká wo ìwọ̀n agbára tó wà nínú méjèèjì. Gíráàmù 100 wàrà ọmú ní nǹkan bí kálórì 65 sí 70. Gíráàmù 100 ẹ̀kọ ṣíṣàn, irú èyí tó lè gba ẹnu ìgò ìfọ́mọlóúnjẹ kọjá, ní nǹkan bí 30. Ikùn ọmọ á kún dẹ́ńdẹ́ńdẹ́, á sùn lóòótọ́, àmọ́ ohun tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ ló gbà. Bí ọmọ kò bá sì mu ọmú, ọmú náà á máa dín wàrà rẹ̀ kù, nítorí mímu ọmọ ló ń pe wàrà jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà sọ á wá di òótọ́: ọmú kò ní yó ọmọ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé orí ẹ̀kọ àgbàdo ni ìmọ̀ ìṣègùn ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ kuaṣiọ́kọ̀? Dókítà Cicely Williams ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ó ń rí àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó, tí inú wọn kì í dùn sí ohunkóhun. Ìtàn wọn jọra: ìyá ti bí àbúrò, wọ́n ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1933 ó kọ̀wé nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó so mọ́ oúnjẹ àgbàdo, ní 1935 ó sì lo orúkọ tí àwọn ará Gàá fi ń pe àìsàn náà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí gbogbo ohun tó ń fà á. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ nìkan kò lè tọ́ ọmọ.

Ìdí rẹ̀ rèé. Èròjà amúaradàgbà inú àgbàdo kò pọ̀, bíbọ̀ àti sísẹ́ tún dín in kù. Lẹ́yìn èyí, ara ní àwọn ìpín kan tí kò lè dá ṣe fún ara rẹ̀, tí oúnjẹ gbọ́dọ̀ gbé wá. Méjì nínú wọn ló ṣọ̀wọ́n gan-an nínú àgbàdo. Bí ọ̀kan bá tán, èyí tó kù kò wúlò púpọ̀ fún kíkọ́ ẹran ara, bó ti wù kí ẹ̀kọ pọ̀ tó.

Ṣé o mọ̀ bí a ṣe lè ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ọmọ kan? Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ oṣù méje tó ń mu ọmú dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ nílò nǹkan bí kálórì 200 lójúmọ́ láti inú oúnjẹ, yàtọ̀ sí èyí tí ọmú ń fún un. Ìdajì ife ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí mílílítà 125, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ ṣíṣàn ni, gbogbo rẹ̀ pátá á jẹ́ mílílítà 375, agbára inú rẹ̀ kò ní ju kálórì 112 lọ. Ọmọ ti yó lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ohun tó gbà kàn fi díẹ̀ ju ìdajì ohun tó nílò lọ ni. Ìyá ò ṣe ìmẹ́lẹ́, ọmọ ò kọ oúnjẹ, omi ló gba ibi tí oúnjẹ yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ṣíbí tíì méjì ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó nǹkan bíi gíráàmù 10, kálórì 58. Ní abọ́ mẹ́ta, a ti fi 174 kún 112, ó di 286. Ọmọ kò mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ikùn rẹ̀ kò tóbi sí i. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀kọ fúnra rẹ̀ ki, débi pé bí a bá fi ṣíbí bù ú, kò ní yára ṣàn dànù. Ẹ̀kọ tó rí báyìí máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì agbára ti ṣíṣàn.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lè ran ẹ̀kọ ọmọ lọ́wọ́? Ìṣòro ẹ̀kọ kíki ni pé ọmọ oṣù méje lè má lè gbé e mì. Sítáṣì máa ń fa omi mu, á wú, á di líle, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kò tíì pọ̀. Àgbàdo tó ti hù ní oje kan nínú tó ń já sítáṣì sí wẹ́wẹ́, nítorí oje yẹn ni èéhù fi ń rí ṣúgà jẹ. A ó rẹ àgbàdo mọ́jú, a ó da á sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kó hù, a ó sá a gbẹ, a ó gbo èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ dànù, a ó wá lọ̀ ọ́ kúnná. A ó se ẹ̀kọ kó ki gan-an, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀, nítorí bí ó bá ṣì ń hó, oje náà á kú kó tó ṣiṣẹ́. Ṣíbí tíì kan ìyẹ̀fun yìí la ó rò mọ́ ọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀kọ tó dúró gbagidi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú ẹni, láì fi omi kan kún un. Lẹ́yìn náà ni a ó dá a padà sórí iná kó hó díẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun tí a fi sí i kò tíì jinná, kòkòrò sì lè wà lára rẹ̀.

Ẹ má fi ọkà bàbà ṣe èyí bí kò bá dá yín lójú pé gbogbo èéhù àti gbòǹgbò ti kúrò. Èéhù ọkà bàbà ní májèlé tó jọ ti inú gbáàgúdá.

Ṣé o mọ̀ pé àkàrà tí a fi ń mu ẹ̀kọ ń ṣe iṣẹ́ gidi? Ọ̀kan nínú àwọn ìpín tó ṣọ̀wọ́n nínú àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀wà, ohun tó sì kéré nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní in. Ẹni tó jẹ àkàrà mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀kọ, tàbí tó fi mọ́ínmọ́ín gbé e, ti jẹ oúnjẹ tó pé ju àpapọ̀ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá ṣe lọ. Fún ọmọ tí kò tíì lè jẹ àkàrà, a lè bó ẹ̀wà, ká lọ̀ ọ́, ká sè é jinná mọ́ ẹ̀kọ. Orí èrò yìí náà ni ilé ìwádìí Òṣòdì gbé ògì sóyà kà: sóyà bí ìpín 30 nínú 100, àgbàdo ni ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé gbọ́dọ̀ se sóyà náà kó jinná dáadáa kó tó lọ̀ ọ́, nítorí sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ìfun lè lo èròjà amúaradàgbà.

Ti irin wà lọ́tọ̀. Irin tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tán ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹ̀pà àti sóyà kò sì lè dí àlàfo náà tán. Ẹja gbígbẹ tí a yọ egungun rẹ̀, tí a lọ̀ kúnná, edé, ẹyin tó jinná, ẹ̀dọ̀ tí a sè tí a tẹ̀ rẹ́: àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó wà nínú abọ́. Bí ó bá ṣòro láti rí ohun gbogbo, ṣíbí kan ẹja lílọ̀ sàn ju ìkòkò ẹ̀kọ kejì lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ògì pupa ní ohun tí ògì funfun kò ní? Àwọ̀ inú àgbàdo pupa, èyí tó ń pọ́n bí ọsàn, ni ara ń sọ di fítámì A. Àgbàdo funfun kò ní in rárá. Ní ọdún 2012 ni wọ́n gbé àwọn irúgbìn àgbàdo tí àwọ̀ yìí pọ̀ nínú wọn jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà, iṣẹ́ tí ilé ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tó wà n'Ìbàdàn kópa nínú rẹ̀. Ara kì í gba fítámì yìí dáadáa láìsí ọ̀rá, nítorí náà epo pupa díẹ̀ nínú ẹ̀kọ ọmọ kì í ṣe àṣejù.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀kọ kò lè rọ́pò omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru? Ó ní omi, ó ní sítáṣì, àmọ́ iyọ̀ tí ìgbẹ́ ń gbé jáde lára fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀. Ẹni tí a fún ní ẹ̀kọ ṣíṣàn lásán lè máa mu, kó sì máa gbẹ síbẹ̀. Àpò omi ìdápadà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ló yẹ ká kọ́kọ́ tú sínú ìwọ̀n omi mímọ́ tí wọ́n kọ sára àpò náà, ká sì fi síǹkì kún un: mílígíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, 10 fún èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ̀kọ á wá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, ọmú kò sì gbọ́dọ̀ dúró. Bí ojú ọmọ bá ti jìn wọnú, tí ó rọ jọwọrọ tí kò lè mumi, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ògì tí a kò sè, tí àwọn èèyàn máa ń po mọ́ omi mu kí ìgbẹ́ lè dúró, ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1994, Olúkòyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ògì kan tí wọ́n fi àwọn kòkòrò rere tí wọ́n ṣà jọ kan, nítorí pé àwọn kòkòrò náà ń bá kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru jà. Wọ́n pè é ní Dójìkì. Àṣàyàn kòkòrò ni wọ́n lò, nínú ilé ìwádìí. Ògì inú ike tí a rà lọ́jà lè ní kòkòrò rere, ó sì lè ní omi kànga tí wọ́n fi sẹ́ ẹ. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè fara dà á. Kí ẹnikẹ́ni má fún ìkókó, bẹ́ẹ̀ náà ni omidùn tí a fi rẹ egbò àti èèpo igi.

Ṣé o mọ̀ ẹni tí ẹ̀kọ bá lára mu gan-an láàárín àwọn aláìsàn? Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bó, ẹni tí ibà ti gba adùn oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Ó ń wọlé láìjẹ́ pé wọ́n jẹ nǹkan lẹ́nu. Àmọ́ ife ńlá kan tó gba ìdajì lítà ẹ̀kọ ṣíṣàn kò ju kálórì 150 lọ, nítorí náà bí àìsàn bá lé ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó yẹ kí mílíìkì, ẹyin tàbí ẹja lílọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Alátọ̀gbẹ ní láti ṣọ́ra. Èèpo tí ì bá fa ọwọ́ ṣúgà sẹ́yìn ti bá èèrí lọ, sítáṣì tó kù ti rọ̀, mímu la sì ń mu ún, kì í ṣe jíjẹ. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè yára gòkè. Ife kékeré, láìfi ṣúgà tàbí mílíìkì dídùn sí i, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, sàn fún un ju abọ́ ńlá kan lọ, kí ó sì yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀ láti mọ ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe sí òun gan-an.

Ṣé o mọ̀ pé kíkan kò lè wo àgbàdo tó ti bu sàn? Májèlé tí èébu ń fi sílẹ̀ nínú hóró kì í bá iná lọ, kì í sì í bá omi kíkan tán. Ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, àgbàdo tó bu pa èèyàn 125. Kí a tó rẹ àgbàdo ni iṣẹ́ wà: kí a tẹ́ ẹ sórí atẹ, kí a ṣa èyí tó dúdú, tó fọ́, tó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ eérú dànù, kí a fọ ìyókù. Ẹ̀pà tí a fẹ́ lọ̀ mọ́ ẹ̀kọ ọmọ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ kan náà, nítorí májèlé kan náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ bí a ṣe ń dá ògì tó ti bàjẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn kan jù? Òórùn kíkan tó mọ́ tónítóní kò burú. Bí ó bá ń rùn bí omi ìdọ̀tí, tó ń fà yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀, tàbí tí àbàwọ́n pupa, dúdú tàbí àwọ̀ ewé bá yọ lójú rẹ̀, kí a dà á nù, kí a má kàn gé ojú rẹ̀ kúrò. Ògì tó wà lábẹ́ omi tí à ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ máa ń pẹ́ ju èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ.

Fún ọmọ, kí ẹ má kàn da omi gbígbóná sórí ògì nínú abọ́ kí ẹ sì gbà pé ó ti jinná. Bí omi híhó ṣe pàdé ògì tútù ni ooru rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ á ki lóòótọ́, nítorí sítáṣì kò nílò kí omi hó kó tó wú, àmọ́ kòkòrò lè yè é. Ẹ po ògì pẹ̀lú omi tútù díẹ̀ kí ó má ṣe dì, ẹ gbé e ka iná, ẹ máa rò ó títí yóò fi hó, kí ó sì wà nínú híhó náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ife àti ṣíbí ni kí ẹ fi fún un, nítorí ìgò ṣòro fọ̀ dénú. Bí ọmọ bá sì yí ojú kúrò, ẹ dúró dè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ́ ọmọ sórí itan, kí ó sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ ní ẹ̀kọ, nítorí ẹ̀kọ tí ọmọ fi ẹkún gbé mì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.